Ẹ ka iwe ihagun yin lẹẹmẹta kẹ ẹ too buwọ lu u: Ọrọ kan ṣoṣo le gbe ṣọọbu fun ẹni ti ẹ ko ni lọkan

Oniṣowo kan le lo ogun ọdun lori ṣọọbu kan ni Costain, ko maa ji laaarọ kutu ki ọkọ Iganmu ati Ebute-Mẹta too bẹrẹ si i fọn fere, ko si jẹ pe ọgbọn iṣẹju pere lo maa fi wo iwe ti yoo sọ ẹni to ni ṣọọbu naa lẹyin rẹ. Iwe naa ni iwe ihagun, eyi ti ọpọ eeyan n pe ni wiili. Lọọya yoo ti kọ ọ, ẹni to n taipu yoo ti taipu rẹ, ọga yoo ṣi i si oju ewe to gbẹyin, yoo beere ibi ti wọn ni ko buwọ lu, o pari niyẹn.

Ibẹ gan-an ni wahala ti n bẹrẹ. Bi aṣiṣe ba wa ninu risiiti, onibara yoo da a pada, wọn yoo si tun un kọ. Lọjọ ti wọn ba ṣi iwe ihagun ka, ẹni to kọ ọ ti lọ, ko si sẹni to le bi i leere ohun to ni lọkan. Ohun to wa lori iwe ni awọn ọmọ ati ile-ẹjọ yoo dimu.

Ẹ jẹ ka mu ọkunrin kan to n ta ọda ile bii apẹẹrẹ. Ki i ṣe ẹnikan pato, ṣugbọn iru ile rẹ ko ṣajeji si ẹnikẹni l'Ekoo. O ni iyawo meji, Ṣade ati Kẹmi. Ṣade bi Taiwo, Kẹhinde ati Bọsẹ. Kẹmi naa bi ibeji, Kẹhinde tiẹ ku ni kekere, o ku Taiwo nikan. Ṣọọbu ọda wa ni Costain, ile kan wa ni Mushin, owo wa ni banki, awọn onibara si jẹ ẹ lowo. Lọọya ti kọ iwe ihagun rẹ, iwe naa wa lori tabili, ko sẹni to ti i buwọ lu u. Asiko yii gan-an lo yẹ ki wọn ka a, ki i si i ṣe kika ẹẹkan. Ẹẹmẹta ni, nitori oju to n wa aṣiṣe orukọ ki i ri aṣiṣe iṣiro.

KIKA AKỌKỌ: ORUKỌ NIKAN

Ninu kika akọkọ, ẹ ma wo nnkan mi-in ju orukọ eeyan lọ. Ẹ mu iwe funfun kan, kẹ ẹ kọ orukọ gbogbo ẹni ti ẹ fẹẹ fun ni nnkan sori rẹ bo ṣe wa ninu iwe ọjọọbi, pasipọọtu tabi iwe banki wọn. Ẹ gbe e si ẹgbẹ iwe ihagun, kẹ ẹ maa fi orukọ we orukọ, lẹta kan lẹyin omiran. Ẹ ma ṣe e lati inu ori, nitori orukọ ti a n pe lojoojumọ kọ lo maa n wa ninu iwe.

Ninu iwe ọkunrin ọlọda yii, wọn kọ ọ pe ki wọn fun "Taiwo ọmọ mi" ni ile Mushin. Ọrọ naa ye baba daadaa, nitori Taiwo Ṣade lo wa lọkan rẹ. Ṣugbọn ọmọ meji lo n jẹ Taiwo ninu ile naa, ọmọ rẹ si ni awọn mejeeji. Lẹyin ọjọ rẹ, ko ni i si ọrọ kan ninu iwe naa ti yoo yan ọkan ninu wọn. Bi wọn ṣe maa tun un ṣe ko le: ki wọn kọ orukọ rẹ lẹkun-un-rẹrẹ, orukọ iya rẹ, ọjọ ti wọn bi i ati adirẹsi rẹ. Bi orukọ meji ba papọ, ọjọọbi ati orukọ iya ko ni i papọ.

Ọna mi-in wa ti orukọ fi n daru nilẹ Yoruba. Ọmọbinrin to ti lọ sile ọkọ le ma jẹ orukọ baba rẹ mọ ni banki. Ọmọ kan le jẹ Ṣeun ninu ile, Oluwaṣeun nileewe, ko si tun ni orukọ ṣọọṣi tabi ti mọṣalaaṣi. Nibi ti iru eyi ba wa, ki wọn kọ orukọ mejeeji, ki wọn fi "ẹni ti a tun n pe ni" si aarin wọn. Bakan naa ni "iyawo mi" ko to nibi ti iyawo ti pe meji, "aburo mi" ko si to, nitori ọmọ iya, ọmọ baba ati ọmọ ẹgbọn baba ni Yoruba n pe bẹẹ.

Orukọ ẹni to ni iwe gan-an ko gbọdọ bọ lọwọ kika yii. Ni ilẹ Gẹẹsi, tọkọtaya kan jọ ṣe iwe ihagun lọdun 1999, iwe mejeeji si jọra. Nigba ti wọn fẹẹ buwọ lu u, wọn gbe ti ọkọ fun iyawo, wọn gbe ti iyawo fun ọkọ, ko si sẹni to ri i, titi kan lọọya wọn. Iyawo ku lọdun 2003, wọn ko ri i nigba naa. Ọkọ ku lọdun 2006, nibẹ ni aṣiri ti tu. Ọdun 2014 ni ile-ẹjọ to ga ju lọ nibẹ too tun iwe naa ṣe, ninu ẹjọ ti awọn lọọya mọ si Marley ati Rawlings. Ogun ti wọn n ja si ko ju nnkan bii ẹgbẹrun lọna 70 pọn-un lọ. Ofin ti wọn ṣe ni Gẹẹsi lọdun 1982 ni wọn fi tun un ṣe, oniṣowo l'Ekoo ko si gbọdọ fi ọkan si i pe iru rẹ yoo gba oun.

KIKA KEJI: ỌRỌ TO JADE LẸẸMEJI

Ninu kika keji, ẹ wa ọrọ, orukọ tabi ipin ti wọn kọ lẹẹmeji. Opin ila ni ọrọ bẹẹ maa n sa pamọ si. Ẹni to n taipu yoo fi "fun" pari ila kan, yoo tun fi "fun" bẹrẹ ila to tẹle e, oju to n sare yoo si fo o. Ẹ fi pepa bo gbogbo ila to ku, kẹ ẹ maa ṣi i silẹ ni ila kọọkan, kẹ ẹ si maa ka a soke. Etí maa n gbọ ohun ti oju fo.

"Fun fun" ko le pa ẹnikẹni lara, nitori ko si itumọ mi-in to le ni. Orukọ to jade lẹẹmeji lo lewu. Bi wọn ba kọ ọ pe ki wọn pin owo kan dọgba "fun Bọsẹ, Bọsẹ ati Kẹhinde", ṣe ẹni meji lo ni in ni, abi mẹta? Ṣe wọn fẹẹ kọ Taiwo ni, ti ọwọ ṣi? Bi owo naa ba jẹ naira miliọnu mẹfa, Kẹhinde le gba mẹta, o si le gba meji. Miliọnu kan wa ninu ọrọ kan ṣoṣo.

Eyi to tun lewu ju ni ki dukia kan naa wa nibi meji. Ninu iwe ọlọda yii, ipin kẹrin fun Bọsẹ ni ṣọọbu Costain, ipin kọkanla si fun Kẹhinde ni ṣọọbu kan naa. Ohun to ṣẹlẹ ni pe baba yi ọkan rẹ pada nigba ti iṣẹ n lọ lọwọ, lọọya fi ipin tuntun kun un, ko si ranti yọ ti atijọ. Bi iru rẹ ba de ile-ẹjọ, adajọ yoo kọkọ wa ọna ti ipin mejeeji fi le ba ara wọn mu. Bi ko ba ri i, eyi to kẹyin ninu iwe lo maa n tẹle. Ko too de ibẹ, tẹgbọn-taburo yoo ti jokoo si ẹgbẹ meji niwaju adajọ. Ki ẹ ma baa ko si i, ẹ kọ orukọ dukia kọọkan sori iwe kan, kẹ ẹ si fa ila kan si iwaju rẹ nigbakigba ti ẹ ba ri i. Eyi to ba ni ila meji ni ki ẹ pada si.

Bẹẹ ni ki i ṣe gbogbo ọrọ to jade lẹẹmeji ni aṣiṣe, paapaa bi wọn ba fi Yoruba kọ iwe naa, tabi to jẹ Yoruba ni baba fi sọ ọ fun lọọya. "Ki wọn fun awọn ọmọ mi ni miliọnu meji" yatọ si "ki wọn fun awọn ọmọ mi ni miliọnu meji meji." Akọkọ jẹ miliọnu meji fun gbogbo wọn. Ekeji jẹ meji fun ẹni kọọkan, eyi to tumọ si mẹjọ fun ọmọ mẹrin. Kọmputa ko mọ eyi. Bo ba ri ọrọ kan naa lẹẹmeji tẹlera, o le fa ila pupa si i labẹ, ẹni to n taipu yoo ro pe aṣiṣe ni, yoo si pa ọkan rẹ. Miliọnu mẹfa ti lọ niyẹn, oju iwe yoo si mọ saa. Nitori naa, ẹ ma fi ọrọ bẹẹ silẹ bo ṣe wa. Ẹ kọ ọ pe "ki ẹni kọọkan ninu awọn ọmọ mi mẹrẹẹrin gba naira miliọnu meji, apapọ rẹ jẹ naira miliọnu mẹjọ." Nibi ti iye ẹni kọọkan ati apapọ ba ti wa papọ, ọkan yoo maa ṣọ ekeji.

KIKA KẸTA: IPIN TO N SỌRỌ NIPA IYOKU

Kika kẹta lo gba suuru ju. Ipin kan wa to maa n wa nitosi opin iwe ihagun, oun lo n sọ ẹni to ni gbogbo ohun ti wọn ko darukọ. Ko si oniṣowo to le ka gbogbo ohun to ni tan. Ọja ti ko ti i ra, gbese ti wọn jẹ ẹ, owo ajọ to ku diẹ ko kan an, ilẹ ti yoo ra lọdun to n bọ, inu iyoku ni gbogbo rẹ n lọ. Ibẹ naa ni wọn ti maa n kọkọ yọ gbese oloogbe ati inawo isinku. Fun ọpọ oniṣowo, iyoku yii le tobi ju gbogbo ẹbun ti wọn darukọ lọ.

Ohun ti wọn kọ sinu iwe ọlọda ree: "Ki wọn fun awọn ọmọ Ṣade ati Kẹmi ni owo mi to ku." Gbolohun naa kuru, o si dun gbọ leti. Ẹ jẹ ka tu u wo.

Ẹ kọkọ wo "owo mi". Ṣe owo to wa ni banki nikan ni, abi ọja to wa ni ṣọọbu naa wa nibẹ? Ilẹ n kọ? Obinrin kan ni ilẹ Gẹẹsi fi ọwọ ara rẹ kọ ọ pe ki wọn pin owo oun fun awọn ọmọ ẹgbọn ati aburo oun. Ṣugbọn pupọ ninu ohun to ni jẹ ipin idokoowo ninu ileeṣẹ, ki i ṣe owo inu apo. Ile-ẹjọ akọkọ ati ti kotẹmilọrun tẹle ofin atijọ to ni owo ko kan iru nnkan bẹẹ. Ọdun 1943 ni ile-ẹjọ to ga ju lọ nibẹ yi i pada ninu ẹjọ Perrin ati Morgan, wọn ni itumọ ti ẹni to kọ ọ ni lọkan ni ki awọn wo. Awọn ọmọ naa jare, ṣugbọn ile-ẹjọ mẹta ni wọn gba kọja nitori ọrọ kan. "Gbogbo dukia mi yooku" ni iba ti gba wọn.

Ẹni to ba ti forukọ iṣẹ rẹ silẹ bii ileeṣẹ limitẹẹdi gbọdọ ṣọra ju bẹẹ lọ. Ọja to wa ninu ṣọọbu ki i ṣe tirẹ mọ loju ofin, ti ileeṣẹ ni. Ohun toun ni ni ipin idokoowo rẹ ninu ileeṣẹ naa, oun lo si le fi silẹ fun ọmọ. Ẹni to jẹ orukọ iṣẹ lasan lo forukọ rẹ silẹ, tirẹ ṣi ni ọja rẹ.

Ẹ wa wo "awọn ọmọ Ṣade ati Kẹmi." Ka ni iyoku naa jẹ naira miliọnu 24. Ẹnikan le ka a pe awọn ọmọ obinrin mejeeji ni, ọmọ mẹrin, ki onikaluku gba miliọnu mẹfa. Ẹlomi-in le ni awọn ọmọ Ṣade mẹtẹẹta ni, pẹlu Kẹmi funra rẹ, ti Taiwo ọmọ Kẹmi ko si ni i gba nnkan kan lọwọ ara rẹ. Ẹni kẹta le ni ki wọn da a si meji ni ojule-ojule: awọn ọmọ Ṣade yoo pin miliọnu 12, mẹrin mẹrin, Taiwo Kẹmi nikan yoo si gba miliọnu 12. Gbolohun kan ni, kika mẹta lo ni, ko si si eyi ti a le sọ pe aṣiwere lo ka a bẹẹ.

Kika akọkọ ati ikẹta ko ṣajeji si Yoruba, nitori wọn jọ ori-ojori ati idi-igi. Ija mejeeji ti kan ile-ẹjọ l'Ekoo ri. Ninu ẹjọ Dawodu ati Danmole, oloogbe ni iyawo mẹrin ati ọmọ mẹsan-an, ko si ṣe iwe ihagun. Adajọ akọkọ ni ki wọn pin in ni ori-ojori. Ile-ẹjọ to ga ju lọ ni Naijiria yi i pada lọdun 1958, wọn ni idi-igi ni. Wọn gbe e de Lọndọnu, ibẹ naa si fọwọ si idi-igi lọdun 1962. Ẹjọ yii kan ẹni to ba ni ipin iyoku ti ko duro. Bi ipin naa ba ja, dukia yẹn yoo dabi eyi ti ko ni iwe ihagun rara, nibi ti aṣa ba si ti kan an, idi-igi ni wọn yoo fi pin in, boya ohun ti baba fẹ niyẹn tabi ki i ṣe bẹẹ. Ẹni to ba ṣe igbeyawo kootu, ofin mi-in ni yoo kan tirẹ.

Ohun to maa n ja a ju ni iku. Bi ọkan ninu awọn ti wọn fun ni iyoku ba ku ṣaaju ẹni to ni iwe, ti iwe ko si sọ ohun ti wọn maa ṣe si tirẹ, ipin tirẹ le jade kuro ninu iwe ihagun lai bọ sọwọ awọn to ku. Iṣiro naa n ja a. Ẹni to fun ọmọ kan ni ilaji, omi-in ni idamẹta, ẹni kẹta ni idamẹrin, ti pin ju ohun to ni lọ. Ẹ ro gbogbo rẹ pọ, o gbọdọ jẹ odidi kan.

Bi wọn ba tun iwe ọlọda ṣe, bo ṣe le ri ree: "Gbogbo dukia mi yooku, iru yoowu ko jẹ, ibi yoowu ko wa, titi kan ẹbun to ba kuna ninu iwe yii, lẹyin ti wọn ba ti san gbese mi ati inawo isinku mi, ni ki wọn pin si ọna mẹrin ọgbọọgba, ki ẹni kọọkan ninu awọn ọmọ mi mẹrin wọnyi gba ọna kan." Orukọ mẹrẹẹrin yoo tẹle e, pẹlu orukọ iya ati ọjọọbi wọn. Lẹyin naa: "Bi ẹnikẹni ninu wọn ba ku ṣaaju mi, ki awọn ọmọ rẹ pin tirẹ dọgba. Bi ko ba ni ọmọ, ki awọn to ku pin in dọgba." Lọọya le fi ede ofin gbe e kalẹ, ṣugbọn itumọ rẹ ko gbọdọ yi.

TA LO YẸ KO BA YIN KA A?

Ki i ṣe ọmọ ti ẹ fẹẹ fun ni nnkan, nitori awọn to ku le ni oun lo dari rẹ. Ẹni ti ko ni ipin nibẹ, ti ko si mọ ile yin ju bẹẹ lọ, lo dara ju. Ẹ ni ko ka a, ko si sọ fun yin ohun to gbọ: ta lo ni ṣọọbu, ta lo ni ile, ta lo ni iyoku. Bi ohun to sọ ba yatọ si ohun to wa lọkan yin, iwe lo ṣi i, ki i ṣe oun.

Oniṣowo ti ko gbọ oyinbo daadaa, ti wọn si fi oyinbo kọ tirẹ, gbọdọ jẹ ki wọn tumọ gbogbo rẹ fun un ni Yoruba, ki wọn si kọ ọ sinu iwe naa pe wọn ka a, wọn tumọ rẹ, o si ye e ko too buwọ lu u. Bi wọn ba ti n tumọ rẹ, ko maa da a duro nibi ti ko ba ye e.

Lẹyin ibuwọlu, biro ko le tun un ṣe mọ bo ṣe wu ni. Ẹni to ba fa ila si orukọ kan nile, to kọ omi-in si oke rẹ, ko ti i ṣe nnkan kan loju ofin, afi bi oun ati ẹlẹrii meji ba buwọ lu atunṣe naa gẹgẹ bi wọn ṣe ṣe iwe akọkọ. Bo ba ju ọrọ kan tabi meji lọ, ko ṣe iwe afikun tabi ko tun odidi rẹ ṣe. Ẹlẹrii meji naa gbọdọ jọ wa nibẹ nigba to n buwọ lu u. Ẹni to ba ni ẹbun ninu iwe ko gbọdọ jẹ ẹlẹrii, bẹẹ ni ọkọ tabi iyawo rẹ, nitori ẹbun naa yoo bọ lọwọ rẹ.

Kika ẹẹmẹta yii ni ibi to mọ. Ko le sọ ilẹ mọlẹbi di ilẹ ẹnikan. Ko le di iyawo tabi ọmọ lọwọ, bi ofin ipinlẹ Eko ba fun un laaye lati lọ sile-ẹjọ pe ohun ti wọn fi silẹ fun oun ko to. Eyi to le ṣe ni pe ija yoowu to ba wa, ki i ṣe ori Taiwo meji, miliọnu meji meji, tabi "awọn ọmọ Ṣade ati Kẹmi" ni wọn yoo ti ja a.